Fóòmù wo ni kí n rà fún màmá tí ẹ̀yìn ń ro?

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, wọ́n á wọn tó kílò 84, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì máa ń fi sùn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí, bí wọ́n bá jí láàárọ̀, etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n á kọ́kọ́ jókòó sí, wọ́n á di ìbàdí mú, wọ́n á máa pe "ẹ̀yìn mi o, ẹ̀yìn mi o" kí wọ́n tó lè nàró. Bó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ó ti rọlẹ̀. Dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ti ya fọ́tò egungun, wọ́n ní kò sí ibi tó fọ́, ara tó ń dàgbà ni. Dókítà náà ló ní kí n lọ wo ohun tí wọ́n ń sùn lé.

Mo wò ó, ojú tì mí. Ọdún kẹfà fóòmù yẹn rèé, àárín rẹ̀ ti jìn bí àwo.

Lánàá mo wọ sọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Dùgbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọ̀tọ̀pẹ́díìkì ni kí n rà, kò tún sí òmíràn. Ẹnì kejì ní kí n gbàgbé orúkọ, dẹ́ńsítì ni kí n wò. Ẹnì kẹta kàn na ìka sí pépà wáráńtì tó wà lára nylọ́ọ̀nù, ó ní ọdún mẹ́wàá, kí ni mo tún ń wá? Orí mi dàrú, mo wọ mọ́tò padà sílé. Bẹ́ẹ̀dì wọn jẹ́ 6 sí 4½, owó ọwọ́ mi ò ju ₦200,000 lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Bọ̀dé

Èyí tó le jù ni kí o rà. Kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Orí ẹní ni bàbá tó bí mi sùn títí ọlọ́jọ́ fi dé, ẹ̀yìn ò sì dùn wọ́n rí. Fóòmù múlọ́múlọ́ yìí ló ń ba ẹ̀yìn èèyàn jẹ́. Tí o bá dé sọ́ọ̀bù, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ ò bá wọlé, dẹ́ńsítì rẹ̀ ga nìyẹn. Ra ọ̀tọ̀pẹ́díìkì, kí o sinmi.

Agéfóòmù Òjòó

Bàbá Bọ̀dé, ẹ kú àlàyé, àmọ́ ẹ ti pa nǹkan méjì pọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé fóòmù láti ara búlọ́ọ̀kù ńlá kí n tó wá ṣí sọ́ọ̀bù tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Líle lọ́tọ̀, dẹ́ńsítì lọ́tọ̀. Ẹ mú búrẹ́dì Agége lọ́wọ́ kan, ẹ mú èyí tí wọ́n ti yan gbẹ lọ́wọ́ kejì. Ti Agége wúwo, síbẹ̀ ó rọ̀. Ti yíyan fúyẹ́, síbẹ̀ ó le. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fóòmù rí. Dẹ́ńsítì ń sọ bí ohun tó wà nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́, ti pọ̀ tó. Tí a bá gé fóòmù ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mítà kan ní gíga, tí a sì gbé e sórí ìwọ̀n, iye kílò tó bá fà ni dẹ́ńsítì rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "fóòmù 25" ní ọjà, ohun tó ń wí nìyẹn.

Líle ní tirẹ̀, kẹ́míkà ni wọ́n fi ń ṣe é. Èmi fojú mi rí fóòmù tí kò ju 16 lọ tí wọ́n ṣe tó le koko bí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. Oníbàárà á dé, á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ bí ẹ ṣe wí yẹn, á ní "áà, eléyìí le o," á sanwó. Ṣùgbọ́n ògiri àwọn ihò inú rẹ̀ tín-ín-rín ni. Bí èèyàn ṣe ń sùn lé e lálaalẹ́, tí òógùn àti ooru ń bá a jà, àwọn ihò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ níbi tí ìbàdí ń dúró sí. Kí ọdún kan tó pé, etí á ṣì le, àárín á ti di kòtò. Nítorí náà, dẹ́ńsítì kì í sọ fún yín bí fóòmù ṣe le lónìí. Ó ń sọ bí líle yẹn yóò ṣe pẹ́ tó.

Àǹtí Àbíkẹ́, mo máa padà wá sọ bí ẹ ṣe lè mọ dẹ́ńsítì láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Oníbàárà dé.

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ, ṣé ẹ lè bá mi wo tèmi náà? Àwọn ìbejì mi ṣì ń tọ̀ sórí ibùsùn. Àràárọ̀ ni mo ń gbé fóòmù wọn sí orí ògiri kí oòrùn pa á. Ní báyìí ó ti pọ́n bí ẹ̀bà, bí mo bá sì fọwọ́ kàn án, ìyẹ̀fun ló ń yọ. Ọdún kan ààbọ̀ péré ni mo rà á o. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Ẹ̀yìn wọn ò dùn wọ́n ṣá.

Agéfóòmù Òjòó

Ìyá Ìbejì, kì í ṣe ayédèrú, oòrùn ló jẹ ẹ́. Fóòmù ìhòòhò kì í fẹ́ kí oòrùn máa wò ó ní tààrà. Á kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà á máa rún. Ẹ máa sá a pẹ̀lú aṣọ lára rẹ̀, sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ sì na rọ́bà sí abẹ́ ṣíìtì àwọn ọmọ. Òmíràn tí ẹ ò bèèrè: àpá ìtọ̀ lára fóòmù, wáráńtì ti kú nìyẹn.

Ó yá, Àǹtí Àbíkẹ́. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ yín. Irú èyí tí èèyàn ń gùn ní ilé ti tó, tàbí ìwọ̀n ìfikọ́ tí àwọn oníṣòwò àgbàdo máa ń lò. Bí ti ilé ni, kí ọ̀dọ́kùnrin kan gùn ún lásán, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó wá gbé fóòmù náà mọ́ra, kí ó tún gùn ún. Ohun tó bá fi lé ni fóòmù.

Ti yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4½. Ká ní nípọn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10. Ẹ ṣe é báyìí:

```
6 × 4.5 × 10 ÷ 12 = 22.5
22.5 ÷ 35.3 = 0.64
kílò ÷ 0.64 = dẹ́ńsítì
```

35.3 yẹn ni iye ẹsẹ̀ bàtà tó kún mítà kan ní ibùú, ní òòró àti ní gíga, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí rẹ̀. Kí ẹ tó pín kílò náà, ẹ yọ bíi kílò kan ààbọ̀ kúrò fún aṣọ tí wọ́n rán sí i. Ohun tí èmi yóò fún màmá tó wọn kílò 84 tó ń sùn lé e lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 25 lọ. Bó bá tó 30, ó dára. Èyí tí kò tó 20, yàrá àlejò ni ẹ gbé e sí.

Físíò Adétóún

Ẹ ṣé, Agéfóòmù. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, kí n fi díẹ̀ kún un lórí líle, torí mo rí i pé Bàbá Bọ̀dé kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé kí ẹlẹ́yìn ríro sùn sórí ohun líle gbáà, àwọn dókítà náà ló ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ní 2003, àwọn oníwádìí kan ní Sípéènì gbé àbájáde tiwọn jáde. Àwọn 313 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n fún àwọn kan ní èyí tó le gan-an, wọ́n fún àwọn kejì ní èyí tó le níwọ̀nba, kò sì sí ẹni tó mọ èwo ló bọ́ sí òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tó wà lórí èyí tó le níwọ̀nba ni ìrora wọn lórí ibùsùn àti nígbà tí wọ́n ń dìde fúyẹ́ jù.

Ìdí rẹ̀ kò le. Bí màmá bá fi ẹ̀gbẹ́ sùn sórí ohun tó le bí pákó, èjìká àti ìbàdí wọn nìkan ló kan ilẹ̀, ikùn á wà lófìfo láàárín, ọ̀pá ẹ̀yìn á tẹ̀. Bó bá sì rọ̀ jù, ìbàdí tó wúwo á rì sísàlẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn á tún tẹ̀ lódì kejì. Èyí tó gba èjìká àti ìbàdí wọlé díẹ̀, tó sì dá wọn dúró níbẹ̀, lẹ ń wá.

Ẹ mú màmá fúnra wọn lọ sí sọ́ọ̀bù. Kí wọ́n dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sùn gan-an fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe kí wọ́n jókòó sí etí rẹ̀. Ẹ dúró sẹ́yìn wọn, kí ẹ fojú tọ ọ̀pá ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí, bóyá ó lọ gbọọrọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ yín bọ abẹ́ ìbàdí wọn. Bí ọwọ́ bá ń lọ tó ń bọ̀ fàlàlà, ó le jù fún wọn. Bí ẹ bá ní láti fi agbára tì í kó tó wọlé, ó rọ̀ jù.

Ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi yín. Kí ni ó wà lábẹ́ fóòmù yẹn?

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá

Bẹ́ẹ̀dì onírin ni, ẹ̀yin físíò. Èyí tí wọ́n fi wáyà hun àárín rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ló ti wà nílé.

Físíò Adétóún

Mo fura. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ gbé fóòmù àtijọ́ yẹn sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí síméńtì, kí wọ́n sùn lé e fún alẹ́ mẹ́ta. Bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́ dáadáa, wáyà ló jìn, fóòmù tuntun yóò tún jìn tẹ̀lé e. Bí kò bá yí padà, fóòmù ló bàjẹ́. Kí ẹnì kan bá wọn dìde láàárọ̀, torí àtidìde nílẹ̀ kò rọrùn fún ẹni ọdún 68.

Ẹ dákun, gbogbo ẹ̀yin tó ń kà á: bí ẹ̀yìn bá ń dùn tí ẹsẹ̀ ń kú tìpìrì tàbí tí kò lágbára mọ́, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò ṣeé mú mọ́ra, tí ibà wà ńbẹ̀, tàbí tí èèyàn ń rù láìmọ ìdí, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe sọ́ọ̀bù fóòmù.

Túndé Pẹ́kàmù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ńbí, inú páálí ni wọ́n ń ká fóòmù sí, á dé ẹnu ọ̀nà rẹ bí ẹní. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fún ọ ní 100 alẹ́ láti fi dán an wò, bí kò bá bá ọ lára mu, wọ́n á wá gbé e, wọ́n á dá owó padà. Ṣé ìyẹn wà ní Ìbàdàn? Bó bá wà, kí ni gbogbo wàhálà ìwọ̀n yìí?

Tèmi tún jẹ́ irú èyí tí ọwọ́ èèyàn máa ń wà lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá tẹ̀ ẹ́. Dẹ́ńsítì 50 ni wọ́n kọ sí i, síbẹ̀ ó rọ̀ bí àmàlà. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì Agége yẹn ló jẹ́ kó yé mi lónìí.

Agéfóòmù Òjòó

Ẹ̀gbọ́n Túndé, nínú sọ́ọ̀bù tiwa ńbí, bí ẹ bá ti ya nylọ́ọ̀nù, ẹ ti gbé e níyàwó nìyẹn. Mi ò mọ ẹni tó ń gba fóòmù padà torí pé kò dùn ún sùn. Ìdí tí a fi ní kí màmá wá dùbúlẹ̀ ní sọ́ọ̀bù nìyẹn.

Tíṣà Ìkọ̀lé

Lórí wáráńtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ra fóòmù tí pépà rẹ̀ sọ pé ọdún márùn-ún. Ní ọdún kejì, àárín rẹ̀ jìn, ìyàwó mi ń yí wá bá mi láìfẹ́. Mo kó pépà, mo kó rìsíìtì, mo lọ. Wọ́n ní kí n mú un wá. Mo háyà mọ́tò. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n na igi gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀ láti etí dé etí, wọ́n fi rúlà wọn kòtò abẹ́ igi náà. Íǹṣì kan géérégé. Wọ́n ṣí pépà mi, wọ́n tọ́ka sí ìlà kan tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà: kòtò tí kò bá kọjá íǹṣì kan ààbọ̀, "lílò ni," kì í ṣe àléébù.

Mo dákẹ́. Wọ́n tún béèrè irú bẹ́ẹ̀dì tí mo gbé e lé. Mo ní pákó ni, pákó márùn-ún. Wọ́n ní àlàfo àárín pákó kò gbọdọ̀ ju íǹṣì mẹ́ta lọ, ó wà nínú pépà. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀, apò mi ló ti jáde.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa. Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò kà á.

Bàbá Bọ̀dé

Wáráńtì ọdún mẹ́wàá tí èèyàn ò lè rí gbà, ṣé ìyẹn kì í ṣe gbájúẹ̀?

Agéfóòmù Òjòó

Kì í ṣe gbájúẹ̀, Bàbá. Àléébù láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń dúró fún: gáàmù tó ṣí, fóòmù tó ya fúnra rẹ̀, àárín tó jìn kọjá iye tí wọ́n kọ. Pé ó rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, pé ẹ̀yìn ṣì ń dùn yín, kò sí wáráńtì tó gba ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún oníbàárà pé kó má ka ọdún tó wà lójú pépà, kó ka ìjìn. Èyí tó sọ ọdún márùn-ún tó sì gba kòtò íǹṣì kan, ó sàn ju ọdún mẹ́wàá tó ń dúró de íǹṣì méjì. Íǹṣì méjì! Ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ti ṣẹ́ tán.

Ẹ tún wò ó bóyá sítáǹpù sọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà ara fóòmù wà lórí pépà náà. Àwa tí a ń tà níta, ọ̀pọ̀ wa kì í rántí kọ ọ́ bí ẹ ò bá dúró lé wa lórí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ilé iṣẹ́ á ní àwọn ò mọ ibi tí ẹ ti rà á. Ẹ má sì gé lébẹ́lì ara fóòmù dànù torí pé ó ń yún yín lára.

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti padà dé.

Màmá sùn sórí ilẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta bí ẹ̀yin físíò ṣe wí. Ó fúyẹ́ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Mo fi igi kọ́tíìnì na orí fóòmù bíi ti Tíṣà, kòtò àárín jẹ́ íǹṣì méjì ó lé díẹ̀. Mo tún wo bẹ́ẹ̀dì onírin yẹn, wáyà àárín rẹ̀ ti ṣubú bí okùn ìsáṣọ. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Káfíńtà ti fi pákó bo orí irin náà, ó fi àlàfo íǹṣì méjì méjì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wá kù. Mo mú àbúrò mi ọkùnrin àti ìwọ̀n ilé wa dání, a tún lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi wá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ẹ wo èyí náà." Gbogbo wọn jẹ́ 6 sí 4½, íǹṣì 10.

Èkíní, tí wọ́n ń pariwo pé ó le, tí owó rẹ̀ sì kéré jù: kílò 12 ààbọ̀. Mo yọ kan ààbọ̀ fún aṣọ, ó ku 11. Mo fi 0.64 pín in, 17 ló fún mi. Èyí sì ni ẹni tó ń tà á ń fi ìyá rẹ̀ búra pé dẹ́ńsítì rẹ̀ ga!

Ìkejì, kò sí ọ̀tọ̀pẹ́díìkì lára rẹ̀, orúkọ lásán ni wọ́n kọ sí i. Kílò 17 ààbọ̀, ó ku 16, ó fún mi ní 25.

Ìkẹta ni ọ̀tọ̀pẹ́díìkì gan-an. Kílò 27 ààbọ̀! Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a ṣubú. Ó ku 26, ó fún mi ní 40 ó lé díẹ̀. Ó kọjá owó mi pẹ̀lú ₦30,000, àmọ́ mo lè wá a. Ṣé òun ni kí n rà? Màmá dùbúlẹ̀ lórí ìkejì àti ìkẹta. Lórí ìkẹta, ọwọ́ mi wọ abẹ́ ìbàdí wọn fàlàlà, wọ́n ní èjìká ń ro àwọn. Lórí ìkejì, ọwọ́ mi wọlé, àmọ́ ó ń fara kan ẹran ara.

Agéfóòmù Òjòó

Ẹ ti ṣe iṣẹ́ ọkùnrin! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ìkẹta. Bí síípù bá wà lára aṣọ rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín. Bí inú rẹ̀ bá ní oríṣiríṣi àwọ̀ tó dà bí ilẹ̀ tẹràsò, ríbọ́ńdì ni. Àjákù fóòmù ni wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi gáàmù tẹ̀ pọ̀, wọ́n wá fi fóòmù tútù díẹ̀, èyí tí kì í ṣe àjákù, bo orí rẹ̀. Kò burú, ó máa ń pẹ́, kì í sì í tètè jìn. Ṣùgbọ́n iye tí ẹ rí yẹn, ẹ kò lè fi wé 25 ti fóòmù tútù, torí gáàmù àti ìtẹ̀mọ́ra ló fa ìwúwo náà. Ọ̀tọ̀pẹ́díìkì wulẹ̀ jẹ́ orúkọ ọjà. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sára ohun tó bá ń tà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn kan lórí ìkejì náà. Àwọn kan máa ń po ẹfun mọ́ kẹ́míkà kí fóòmù lè wúwo. Ìwọ̀n á purọ́ fún yín. Ẹ wá igun tí aṣọ ti ṣí díẹ̀, kí ẹ fi èékánná já bíńtín. Bó bá já wẹ́rẹ́ bíi kéèkì, tí ìyẹ̀fun funfun sì lẹ̀ mọ́ ìka yín, ẹ fi í sílẹ̀. Fóòmù gidi á kọ́kọ́ fà kó tó já. Ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, á ta padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Bọ̀dé

Èmi ò tíì gbà o. Ọ̀tọ̀pẹ́díìkì ni mo rà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ń sùn bí òkú. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí tẹ́lẹ̀ ti lọ.

Físíò Adétóún

Bàbá, bóyá ẹ̀yìn lẹ fi ń sùn? Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn tàbí ikùn sùn lè gba líle ju ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn lọ. Mi ò sọ pé tiyín kò ṣiṣẹ́.

Bàbá Bọ̀dé

Ẹ̀yìn ni. Ta ló sọ fún yín?

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀ọ́, fóòmù onísípíríǹgì yẹn ń kọ́? Ṣé òun ò dára fún ẹ̀yìn? Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ń yìn ín.

Agéfóòmù Òjòó

Mo ní èrò lórí rẹ̀, àmọ́ ẹnu ò kò lórí ẹ̀. Èyí tí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò tirẹ̀ dára, owó rẹ̀ ni kò dára. Èyí tí wọ́n so gbogbo wáyà pọ̀, bí ẹnì kan bá yí, ẹnì kejì á mì. Ìwọ̀n tí mo júwe yẹn kò sì ṣiṣẹ́ fún un rárá, irin ni ẹ ó máa wọ̀n.

Túndé Pẹ́kàmù

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kò lè ra ìkẹta tó máa pẹ́ yẹn, kí ẹ wá fi fóòmù rírọ̀ íǹṣì méjì lé e lórí? Bí mo ṣe ṣe é fún ìyá ìyàwó mi nìyẹn nígbà tí wọ́n wá sí ńbí.

Agéfóòmù Òjòó

Ìyẹn náà máa ń ṣiṣẹ́. Líle ṣeé rọ̀ láti òkè, kòtò ni kò ṣeé dí láti òkè. Àmọ́ íǹṣì méjì yẹn gan-an, bí kò bá ní dẹ́ńsítì, ọdún kan ni. Owó méjì lẹ ó ná.

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ìkejì ni mo rà. Mo já a léèékánná níwájú ẹni tó ń tà á, ó fà kó tó já, kò sí ìyẹ̀fun. Pépà wáráńtì rẹ̀ sọ ọdún márùn-ún, íǹṣì kan. Mo dúró títí wọ́n fi kọ nọ́ńbà sí i tí wọ́n lu sítáǹpù, mo ya fọ́tò pépà àti rìsíìtì sínú fóònù, torí tàdáwà ọjà wa, oṣù mẹ́ta ni á ti ṣí kúrò lórí pépà. Mo ti kọ ọjọ́ tí màá máa yí orí rẹ̀ sí ẹsẹ̀ sára kàlẹ́ńdà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń ráhùn, mo rò pé mo ti ṣi owó ná. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọn kò ráhùn mọ́. Ní báyìí wọ́n ṣì máa ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò sí ní ìbàdí mọ́, aago méje ni wọ́n ti ń gbálẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá fóòmù ló ṣe é tàbí pákó tí káfíńtà kàn, mo ṣe méjèèjì pọ̀.

Wàhálà tuntun ni gíga. Pẹ̀lú íǹṣì 10 àti pákó lórí irin yẹn, ẹsẹ̀ wọn kì í kanlẹ̀ dáadáa bí wọ́n bá jókòó, wọ́n á ní láti yọ́ sílẹ̀. Ṣé kí n ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni, àbí kí n fi àpótí sí ìdí rẹ̀?

Físíò Adétóún

Ẹ má fi àpótí síbẹ̀, wọ́n lè kọsẹ̀ lóru. Kí wọ́n jókòó, ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ibi tí orúnkún wọn ti ṣẹ́. Ibẹ̀ ni orí fóòmù yẹ kó wà nígbà tí wọ́n bá ti jókòó lé e.

Bàbá Bọ̀dé

Irin ni o, kì í ṣe pákó. Wẹ́dà ni kí o pè, má pe káfíńtà.